Ẹ Má Dá Kọ̀ǹpútà Lẹ́bi

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló jẹ orúkọ àwọn kan nínú èsì ìdánwò. Àwa ò gbà! Máàkì ni wọ́n fi tò ó, ogún orúkọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́jọ gba 62, ipò 17 dé 24, ewé méjì sì pín wọn. Ta ni ẹ ní kí PostgreSQL fi ṣáájú nínú wọn? Ẹ ò sọ. Bí a bá ṣí ewé kejì, ó lè tún wọn tò bó ṣe wù ú: ẹnì kan á hàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíràn ò ní hàn rárá, bẹ́ẹ̀ iye orúkọ ṣì pé! Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹni méjì kì í jọ ní kún un:

```sql
ORDER BY maki DESC, id
```

Kí ẹ tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ wá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìlà yìí wò.