Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wáṣẹ́ títí tó ti sú u kì í fẹ́ yẹ ìròyìn ayọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, n kò bá àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ jà pé wọ́n ń ṣe fídíò kúkúrú láti fi kìlọ̀ iṣẹ́ ayédèrú. Ohun tí mo ń bá wọn jiyàn lé lórí ni pé àmì tí wọ́n ń kà ti pọ̀ jù fún ìṣẹ́jú kan, èyí tó lágbára jù lọ ni wọ́n sì máa ń fi sísàlẹ̀.

Àṣìkọ Gẹ̀ẹ́sì àti àdírẹ́sì ímeèlì ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà fi ṣáájú. Gbájúẹ̀ òde òní lè kọ lẹ́tà tó dán ju ti báńkì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olóòótọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ágége ń fi ímeèlì ọ̀fẹ́ pe òṣìṣẹ́. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé àmì yìí á sá fún iṣẹ́ gidi, á wá kó sọ́wọ́ ọ̀dájú tó mọ̀wé kọ.

Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Owó ni àmì tó lágbára jù lọ: ọ̀dọ̀ ẹni tó gbani síṣẹ́ ni owó ti ń wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́. Bó bá ti yí padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́, ìbáà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó yunifọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò ìlera ni wọ́n pè é.

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó: “A ti yàn ọ́ fún ìdánwò. Wá sí Ọgbà láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Béèrè Ọ̀gbẹ́ni Báyìí. Kóòdù rẹ nìyí.” Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ níbẹ̀, kò sí orúkọ iṣẹ́, ẹni tó gbà á kò sì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Bó bá débẹ̀, yóò bá èrò rẹpẹtẹ nínú gbọ̀ngàn. Wọn yóò sọ̀rọ̀ dídùn fún wọn, wọn yóò ta fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kó ra oògùn afúnnilókun kó máa tà kiri. Owó oṣù kò sí. Kóòdù yẹn ni wọ́n sábà fi ń mọ ẹni tó mú un wá, kí tọ̀hún lè gba èrè tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí owó fọ́ọ̀mù kéré ni, torí kò sẹ́ni tí yóò tìtorí ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ẹ́jẹ́ǹtì gidi náà ń gbowó. Òótọ́ ni, àwọn kan máa ń mú nínú owó oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mú un. Bí iṣẹ́ kò bá sí, àwọn náà kò rí nǹkan kan.

Àmì owó nìkan kò tó ṣá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọmọbìnrin kan tó ń wáṣẹ́ ní ìlú Úyò jẹ́ ìpè íńtáfíù. Ẹni tó pè é ló pa á, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún apànìyàn náà ní 2022. Nítorí irú èyí, ó yẹ kí fídíò sọ ọ̀rọ̀ ibi ìpàdé ketekete.

Wọ́n tún máa ń ní kí a lọ wo orúkọ iléeṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC (kì í ṣe ìjọ Àpọ́sítélì o, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni). Ó dára, àmọ́ ohun tí ìyẹn ń fi hàn kò ju pé orúkọ náà wà nínú ìwé. Kò fi hàn pé ẹni tó ń pè ọ́ ti ibẹ̀ wá, orúkọ iléeṣẹ́ gidi sì ni oníjìbìtì fẹ́ràn láti jí lò.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ọ́, ohun tí ẹni inú fídíò yóò sọ nìyí:

“Ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o sanwó kí o tó wọṣẹ́, má san án. Bí wọ́n bá béèrè BVN rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́, tàbí nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, má fún wọn. Wá nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ, má lo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Pè é, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbani. Bó bá jẹ́ ilé àdáni tàbí yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pè ọ́ sí, má lọ.”

Bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kó má fi tọrọ pé kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Kó fi sọ fún ẹni tó ti sanwó pé kó pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bí owó náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì tó gbà á, wọ́n lè rí i dì mú. Bí wọ́n bá ti fà á jáde, ó di wàhálà.