Àìrí Igún Kọ́ ni Àìsí Igún

Bí ẹnìkan bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, tí kò sì bá ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń lò níbẹ̀, kò ní torí ìyẹn sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Yóò sọ pé ẹni tó kọ ìwé náà kò dé ìlú òun ni. Èrò tèmi ni pé irú ìṣọ́ra yìí gan-an ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ibi tí ẹ̀dá kan ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi igún ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun. Òkú ẹran àti pàǹtí ni ó ń jẹ, ó máa ń wá síbi tí a ti ń pa ẹran, orí igi gíga ni ó sì ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀jọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá àyíká Alábà Rágò, ọjà tó gba orúkọ lára àgbò tí àwọn Haúsá ń pè ní rago, lè gba igún.

Yóò lọ sórí GBIF, yóò kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ti rí igún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sọ ju pé a rí i níbí, lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó lọ tí kò rí i kì í sábà kọ nǹkan kan. Ohun tí MaxEnt, tí Phillips, Anderson àti Schapire gbé jáde lọ́dún 2006, máa ń ṣe ni pé ó ń fi àyíká ibi tí a ti rí ẹyẹ wé àyíká ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ibi mìíràn tí a ṣà káàkiri ilẹ̀ náà. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyí: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bá títì àti inú ọgbà ìdáàbòbò ni àwọn awòye máa ń lọ, ọ̀nà àwọn awòye ni ẹ̀rọ yóò kọ́, kì í ṣe ọ̀nà igún. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ṣa ojú ibi ìfiwéra láti ibi tí àwọn awòye kan náà ti kọ àwọn ẹyẹ mìíràn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan ohun tí a ó fi ṣàlàyé. WorldClim ní òṣùwọ̀n ojú ọjọ́ 19, ṣùgbọ́n òjò kan náà àti ooru kan náà ni a tún ṣírò lọ́nà oríṣiríṣi. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá da gbogbo wọn pọ̀ yóò rí ìdáhùn tí kò lè túmọ̀. Ìgbésí ayé igún ni kí a fi yàn: bí ibi ìpẹran ṣe jìnnà tó, igi gíga, iye ènìyàn, àti òjò. Bí méjì bá jọ ń gòkè jọ ń sọ̀, kí a mú èyí tí a lè ṣàlàyé. Kí ìgbà wọn sì bára mu. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Alábà Rágò lọ́dún 2023, nítorí náà a kò lè fi àwòrán ilẹ̀ tí a yà lẹ́yìn ìgbà náà ṣàlàyé igún tí a rí lọ́dún 2010.

Ìdánwò ló kù. Ká sọ pé àkọsílẹ̀ 60 ló wà lọ́wọ́, tí 40 nínú wọn wá láti agbègbè kan ṣoṣo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣàdédé fa 15 yọ fún ìdánwò, èyí tó pọ̀ nínú wọn yóò ní aládùúgbò láàárín èyí tí ẹ̀rọ ti kọ́. AUC lè dé 0.95, inú yóò sì dùn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Kí a fi odindi agbègbè pamọ́, kí a fi ìyókù kọ́ ẹ̀rọ, kí a wá bi í léèrè nípa èyí tí kò rí rí. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí AUC bá wálẹ̀ sí 0.65, nígbà tí 0.5 kò yàtọ̀ sí kí a máa da owó ẹyọ, a ti mọ òtítọ́. Kí a má sì mú ojú ibi ìfiwéra lọ dé Adágún Ṣáàdì kí ìdánwò lè rọrùn. Ẹ̀rọ tó mọ Èkó yàtọ̀ sí aṣálẹ̀ kò tíì mọ Ọ̀jọ́ yàtọ̀ sí Ìbà.

Lójú tèmi, máàkì tó tọ́ sí 0.65 olóòótọ́ ju ti 0.95 ẹlẹ́tàn lọ, nítorí ẹlòmíràn lè fi àwòrán náà pinnu ibi tí a ó ti dáàbò bo ìwọ̀nba igún tó ṣẹ́kù. Níbi tí awòye kò dé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sórí àwòrán pé a kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, síbi tí ẹ̀rọ ní igún lè wà àti síbi tó ní kò lè wà, kí ó sì kọ ọjọ́ tí kò rí igún sílẹ̀ pẹ̀lú.