Ẹ Wọn Ìfúnpá Àgbàlagbà Lórí Ìdúró Pẹ̀lú



Ní Ajíbọ́dẹ níbí, àwa tí a máa ń wọn ìfúnpá fún àwọn ará lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ti ṣe àṣìṣe kan fún ìgbà pípẹ́. Orí àga ni kálukú máa ń jókòó sí. A ó wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, a ó ka nọ́ńbà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà bá dára, a ó ní, "Alihamudulilahi, Bàbá, ẹ máa lo oògùn yín lọ." A kì í béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìfúnpá yẹn nígbà tí Bàbá bá dìde lórí àga. Èrò wa ni pé bí àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń sọ pé òòyì ń kọ́ òun bí òun bá dìde, kí ẹnikẹ́ni má fi kún oògùn rẹ̀, kí wọ́n má sì yọ nínú rẹ̀, títí wọn yóò fi wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ìdúró.

Bàbá kan nínú sáàfù wa ló là wá lójú. Ẹni ọdún 73 ni. Nínú ìrun Àsùbá, bí a ṣe ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ sí ráká kejì, Bàbá di èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí a kírun tán, ó ní, "Ẹ má dààmú, ọjọ́ ogbó ló dé." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní tirẹ̀ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló pọ̀ jù, pé kí Bàbá dá gbogbo rẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Bí ènìyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Ara ọ̀dọ́ máa ń tètè mọ̀ ọ́n: ọkàn á yára lù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dé ọpọlọ. Bí ọjọ́ bá ti ń gun orí ọjọ́, ìdáhùn yìí máa ń lọ́ra. Bí oògùn kan bá tún wà tó ń dẹ òpó ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń fa omi kúrò lára, ìfúnpá á já wálẹ̀, òòyì á sì dé.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Kí Bàbá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọn ìfúnpá àti iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Kí ó dìde dúró, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àga sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kẹta. Ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé apá tí ẹ̀rọ wà sókè kí ó bá àyà dọ́gba, torí bí apá bá rọ̀ wálẹ̀, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, a ò sì ní rí ìjábọ̀ náà. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, òun nìyẹn. Òwúrọ̀ ló máa ń burú jù. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ tún un wọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ìfúnpá Bàbá lórí àga jẹ́ 138 lórí 80, èyí tí à bá ti yìn. Lórí ìdùbúlẹ̀, ó jẹ́ 148 lórí 84, ọkàn ń lù ní ìgbà 70. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ìdúró, ó di 118 lórí 72, ọkàn sì ń lù ní ìgbà 88. Nọ́ńbà òkè ti fi 30 wálẹ̀. Ti pé ọkàn yára bẹ́ẹ̀ fi hàn wá pé oògùn tàbí àìtó omi ni ká kọ́kọ́ fura sí. Bí ìfúnpá bá já tí ọkàn kò sì yára rárá, iṣan ara ló ṣeé ṣe kó ní àbùkù, bí a ṣe máa ń rí i lára ẹni tí àtọ̀gbẹ ti bá fínra fún ọdún púpọ̀.

A ní kí Bàbá kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá nínú ọ̀rá kan. Amulodipíìnì àti Modurẹ́tíìkì wà níbẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta tún wà, terasósìn, tí wọ́n fún un ní ibòmíràn nítorí ìtọ̀ tí kì í dà dáadáa. Oògùn yìí náà ń dẹ òpó ẹ̀jẹ̀, dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá tún ti dín omi mímu kù kí ó má baà máa dìde tọ̀ lóru, bẹ́ẹ̀ Modurẹ́tíìkì ń fa omi jáde ní tirẹ̀.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, a sì fi ránṣẹ́ sí dókítà. Kò dá ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ó fi tamusulósìn rọ́pò terasósìn, torí kì í já ìfúnpá tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi losátàn rọ́pò Modurẹ́tíìkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Bàbá jẹ́ 146 lórí 82 lórí ìdùbúlẹ̀, 136 lórí 80 lórí ìdúró. Òòyì náà lọ. Ìdí nìyí tí a fi takò àwọn tó ń sọ pé kí àgbàlagbà ju oògùn nù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, tó kó ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò jọ, fi hàn pé títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru gírígírí kò dá kún ìjábọ̀ yìí, ó tilẹ̀ dín in kù díẹ̀. Irú oògùn tí a yàn àti bí a ṣe pa wọ́n pọ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Ohun tí ìdílé lè ṣe nìyí. Kí àgbàlagbà tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún Àsùbá, kí ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò. Mímu omi inú ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbé ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀, àyàfi ẹni tí dókítà bá ti dín omi kù fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Oúnjẹ àjẹyó àti omi gbígbóná nílé ìwẹ̀ máa ń mú òòyì pọ̀ sí i. Bí Ràmàdáánì bá ń bọ̀, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa àsìkò tí yóò máa lo oògùn. Nínú ìrun, ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ tijú àga. Ẹ̀sìn wa ti yọ̀ǹda kí aláìlera jókòó kírun, ìtìjú kò sì tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ ṣẹ́ egungun ìbàdí.

Bí àgbàlagbà bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, ẹ má dúró wọn nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kò lọ, ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Tony Anenih wà ní ilé ìwòsàn ńlá Òrìta Mẹ́fà láti 2012, kò sì jìnnà sí wa.

Ní ti àwa, a ti tẹ́ ẹní kan sí ẹ̀gbẹ́ àga tí a fi ń wọn ìfúnpá. Bí ẹ bá mú òbí yín wá ní Jímọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ ná, kí wọ́n sì dìde, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn wọn dání, àti ti ìtọ̀ pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí àwọn àgbà wa. Àmín.