Kì í ṣe Òyìnbó ló gba ẹ̀wà olóyin lẹ́nu ọmọ Yorùbá

Bí ọmọ Yorùbá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, kì í pẹ́ kó tó bi àwọn tó bá níbẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé. Ìdáhùn ìbéèrè náà kò le. Bó bá ń gbé ní apá gúúsù ìlú, wọn á ní kó lọ sí òpópónà Rye Lane ní Peckham. Bó bá jẹ́ apá àríwá ni, wọn á darí rẹ̀ sí ọjà Ridley Road ní Dalston. Gàrí, èlùbọ́, ègúsí, ẹja gbígbẹ, ata rodo, títí kan ewédú tí wọ́n ti sọ di yìnyín sínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹni náà bá wá béèrè ẹ̀wà olóyin láti Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ẹni tó ń tajà á rẹ ohùn sílẹ̀, oníbàárà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì dá sí i pé: "Òyìnbó ti fòfin dè é. Wọn kò fẹ́ kí a jẹ oúnjẹ wa."

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni òótọ́, ìdajì tó kù sì ń ba nǹkan jẹ́. Òtítọ́ ni pé òfin wà. Irọ́ ni pé ìkórìíra ló bí i. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó wà lókè òkun bá ń fi irọ́ yìí tu ara wọn nínú, àwọn tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà nílé yóò máa sùn, wọn yóò sì máa hanrun.

Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá gbígbé ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ wọn dúró. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà ni dikilófọ́ọ̀sì, oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nílé nínú ìgò Sniper, tí àwọn oníṣòwò ẹ̀bá ọ̀nà sì ń pò mọ́ òtapíápíá. Òfin wọn kò gba ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kìlógíráàmù ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n bá nínú àwọn ẹ̀wà tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì gòkè dé 4.6. Ìyẹn ni pé èyí tó kéré jù lọ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin gbà, èyí tó pọ̀ jù lọ sì jẹ́ ìlọ́po 460. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ṣọ́ ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀ tí yóò rí irú èyí tí yóò sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ọdún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin náà sí, kí Nàìjíríà lè tún ilé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ọdún náà pé, tí kò sí ẹ̀rí pé nǹkan ti yí padà, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un, ó di 2019. Nígbà tí 2019 dé, wọ́n tún sún un dé 2022. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ya kúrò lára àwọn ará Yúróòpù ní 2020, ó kó irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ dání lọ. Ẹni tí wọ́n fún ní ọdún kan láti fọ ọwọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń bá ìdọ̀tí níbẹ̀, kò yẹ kó máa sọ pé àwọn kan kórìíra òun.

Báwo ni oògùn ṣe ń dé inú ẹ̀wà? Kòkòrò kékeré kan ló fa á. Oko ni kòkòrò yìí ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, kí àgbẹ̀ tó kórè rárá. Ẹyin náà á bá ẹ̀wà wọ àká, á pa, ọmọ rẹ̀ á wọ inú hóró, á sì jẹ ẹ́ títí yóò fi dágbà tí yóò sì lu ihò jáde. Bí oṣù kan ni ìran kan ń gbà kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àpò tó dára lóṣù kìíní lè di ìyẹ̀fun kí oṣù kẹfà tó pé. Àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọdún kan bọ́ lọ́wọ́ òun á na ọwọ́ sí ohun tó sún mọ́ ọn jù. Oníṣòwò tó ra ẹ̀wà náà á tún wọ́n tirẹ̀ sí i, alágbàtà náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà fi máa dé ẹnu ìkòkò, ó ti lè jẹ oògùn lẹ́ẹ̀mẹta.

A lè bá àgbẹ̀ náà kẹ́dùn, àmọ́ kò yẹ kí a ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà wà tí kò gba oògùn kankan: àpò onípele mẹ́ta. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú, àpò líle kan sì wà níta. Àgbẹ̀ á sá ẹ̀wà rẹ̀ kó gbẹ dáadáa, á dà á sínú ọ̀rá kìíní, á tẹ afẹ́fẹ́ jáde, á sì fi okùn so ẹnu rẹ̀ le koko; á so ọ̀rá kejì bákan náà, á wá so àpò ìta. Kòkòrò tó bá wà nínú yóò fa ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tán, yóò sì kú. Kìkì ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni kí ọ̀rá lu, kí ẹ̀wà má gbẹ tó, tàbí kí wọ́n máa ṣí i lójoojúmọ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àpò yìí ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, wọ́n sì ti ń tà á ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí kò sí ni ìjọba tí yóò gbé e dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní iye tí agbára rẹ̀ ká, tí yóò sì máa yẹ ẹ̀wà wò nínú ọjà. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper ní ọjà gbangba. Òfin náà dára, àmọ́ òfin tí kò ní ẹlẹ́rìí nínú ọjà kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé ìkórìíra ni, kó yí ojú sí ìdí iṣu nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Iṣu tó kún ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Puna, ilẹ̀ Gánà ló ti wá. Nàìjíríà ló ń gbin iṣu jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Nínú iṣu mẹ́ta tí ayé bá wà, bíi méjì jẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, iṣu Gánà ni ọmọ Ọ̀yọ́ ń gún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn dúdú ni ará Gánà, Òyìnbó kan náà ló sì ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Gánà ti ń ṣa iṣu, ó ń dì í sínú páálí, ó sì ń fi í ránṣẹ́ lásìkò. Ní 2017, mínísítà ètò ọ̀gbìn Nàìjíríà, Audu Ogbeh, ṣí gbígbé iṣu lọ sókè òkun pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá, nígbà tó jẹ́ pé òfin ọdún 1989 tó ka iṣu mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbé jáde ṣì wà nínú ìwé. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé apá kan ẹrù náà bàjẹ́ kó tó dé. Ayẹyẹ kì í gbé iṣu dé ibi tó ń lọ.

Ewu tó tún wà nínú irọ́ náà ni pé ó ń ti àwọn ènìyàn sí ohun tó burú ju òfin lọ. Ẹni tó gbà pé Òyìnbó kàn ń ni òun lára á ní kí ìyá òun kó ẹ̀wà sínú àpótí fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn á ra ẹ̀wà inú ọ̀rá lásán, tí kò ní àkọlé kankan, lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹnu lásán sọ pé "ilé ló ti wá." Ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ kò gba iwájú àyẹ̀wò kọjá. Ojú kò lè rí oògùn náà, imú kò sì ṣeé gbára lé. Fífọ̀ lè mú díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, sísè lè dín in kù, àmọ́ kò sí obìnrin tó lè mọ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ bóyá ó kù tàbí kò kù. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Kí ni kí ẹni tó wà ní Rye Lane wá ṣe? Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìbàdàn fẹ́ se mọ́ínmọ́ín àti iṣu lópin ọ̀sẹ̀. Kó mú ẹ̀wà funfun olójú dúdú tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa. Kó yí i padà, kó wá ohun mẹ́rin: orílẹ̀-èdè tó ti wá, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọ̀lú tàbí tó dì í, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ dà. Ó ṣeé ṣe kó rí Amẹ́ríkà tàbí Pẹ́rù níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá sọnù, kó dá a padà. Ẹ̀wà yìí kò ní dùn bí olóyin bí wọ́n bá sè é lásán, òótọ́ kò ṣeé bò; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èèpo rẹ̀ á bọ́ wẹ́rẹ́, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gàn. Ní ti iṣu, kó fi àtàǹpàkò tẹ orí àti ìdí rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ ti ń jẹrà. Lásìkò òtútù, kó má ra èyí tí wọ́n tò síta ṣọ́ọ̀bù. Iṣu kò fẹ́ òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12 sẹ́ńtígíréèdì; inú rẹ̀ á pọ́n, á sì rọ̀, bí ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ dára. Nítorí èyí náà ni kò fi yẹ kó gbé odidi iṣu sínú fìríìjì.

Gbogbo èyí kì í ṣe pé kí ọmọ Yorùbá gbàgbé ẹ̀wà olóyin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní tòótọ́ ni kó yéé bínú sí ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba gómìnà àti mínísítà lálejò, wọ́n máa ń ya fọ́tò, wọ́n sì máa ń fún wọn ní oyè. Ìbéèrè kan péré ni kí wọ́n bi àlejò tó bá tún dé: mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ ló ń lo àpò onípele mẹ́ta, ta ló sì ń yẹ ẹ̀wà wò nínú ọjà rẹ? Bí kò bá ní ìdáhùn, kí wọ́n gbé oyè náà padà sínú páálí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀wà tí wọ́n kò jẹ́ kó wọ Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni wọ́n ń tà ní Bódìjà lónìí, òun ni ìyá àti bàbá àwọn tó ń ráhùn ń jẹ lálẹ́.