Ìsọnísókí Kì í Ṣe Gígé Ìtàn

Ọ̀nà tí ilé-ìwé fi ń kọ́ ọmọ ní ìsọnísókí ń pa àwọn tí ó fẹ́ kọ ìtàn fún sinimá lára. Olùkọ́ a fún ọmọ ní àyọkà kan, a ní kí ó kọ ọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀. Èyí tí ó bá sì mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti inú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni máàkì rẹ̀ a pọ̀. Ọmọ yìí dàgbà, ó kọ ìwé eré sinimá tí ó tó ọgọ́rùn-ún ojú ewé, ó sì fẹ́ tọrọ owó tí yóò fi jókòó tún un kọ. Ọgbọ́n ilé-ìwé náà ni ó lò, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀.

Owó bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀kan ni ti Hubert Bals ní ìlú Rọ́tádáàmù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988, tí àwọn ará Áfíríkà sì lè tọrọ. Ohun tí irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè ni ìsọnísókí olójú-ewé kan, àti òmíràn tí ó gùn, bóyá ojú ewé mẹ́ta, bóyá mẹ́wàá. Àwọn tọrọtọrọ rò pé ohun kan náà ni méjèèjì, pé ọ̀kan kàn kúrú ju èkejì lọ. Irọ́ gbáà ni. Ti ojú ewé kan ń dáhùn pé: ta ni, kí ni ó ń wá, kí ni ó dí i lọ́nà, báwo ni ó ṣe parí? Èyí tí ó gùn ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: ǹjẹ́ ìtàn náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ jẹ́ kí a mú *Ṣaworoidẹ*, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, tí ó jáde ní ọdún 1999. Ẹni tí ó ń gé ìtàn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ayé àtijọ́: bí ìlú ṣe dá májẹ̀mú, bí wọ́n ṣe rọ adé idẹ, bí wọ́n ṣe ṣe ìlù onísaworo. Ìdajì ojú ewé ti lọ, ọba kò sì tíì gun orí ìtẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ báyìí:

«Ní ìlú Jogbo, ọba tuntun kọ̀ láti ṣe ìbúra tí gbogbo ọba ń ṣe, nítorí owó ni ó fẹ́ fi oyè kó jọ. Ṣùgbọ́n ọba tí kò búra, tí ó dé adé idẹ tí ìlù ṣaworoidẹ sì dún, orí fífọ́ ni yóò pa á. Ọba àti àwọn ìjòyè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, igbó ìlú ń run, àwọn ọ̀dọ́ sì dìde. Ọ̀gá sójà tí ọba fi ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́ fi ìbọn gba oyè fún ara rẹ̀. Òun náà kò búra. Ó dé adé, ìlù dún, ó kú.»

Májẹ̀mú àtijọ́ kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, nítorí ewu rẹ̀ nìkan ni a nílò. A kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ṣìnà.

Ẹ wo òpin rẹ̀ pẹ̀lú: ikú sójà wà níbẹ̀ gbangba. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkọ̀wé a máa fi èyí pamọ́. Wọn a kọ pé, «Ǹjẹ́ ìlù náà yóò dún? Ẹ máa retí.» Ọ̀rọ̀ pátákó ìpolówó nìyẹn. Àwọn tí ń ka ìwé ìtọrọ kì í ṣe òǹwòran. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé lè parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rù olè ni ó ń ba àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ń fi ojú ewé mẹ́wàá ránṣẹ́ nínú àpò ìwé kan ṣoṣo!

Ní ti èyí tí ó gùn, àrùn rẹ̀ ni «lẹ́yìn náà». Ọba gba owó, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ bínú, lẹ́yìn náà sójà dé. Kí òǹkọ̀wé fi «nítorí náà» sí ààrin ìpínrọ̀ méjì. Bí kò bá wọlé, ibẹ̀ ni ìtàn ti já. Igbó ń run, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ dìde. Wọ́n dìde, nítorí náà ọba gbé agbára lé sójà lọ́wọ́. Agbára wà lọ́wọ́ sójà, nítorí náà kò rí ìdí tí yóò fi máa sin ọba. Bí a bá fa ìpínrọ̀ kan yọ tí ohunkóhun kò wó, ìpínrọ̀ náà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bákan náà, «ọba ń ronú nípa ìlú rẹ̀» kò ṣe é yà ní fọ́tò. Ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́ ni kí ó wà níbẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá ń jiyàn, kí ó dán an wò ní kíláàsì. Kí àwọn ọmọ ka ìtàn kan, kí wọ́n pa ìwé dé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ fún ẹni tí kò kà á rí láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tó mú kálàmù. Kí ó wá fi ohun tí wọ́n kọ wé ti àwọn tí ó ṣí ìwé sílẹ̀ tí wọ́n ń mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.