Ikọ́ Ife: Ara Yíyá Kọ́ Ni Ìwòsàn, Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ni Ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Màídúgùrí, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí a fẹ́ bá jà lónìí, kò sì gùn rárá: "Ara mi ti yá." Ẹnu ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ikọ́ ife la ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Tó bá ti lo oògùn bí oṣù kan tàbí méjì, á sọ ọ́, á sì kó ìyókù oògùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gbè é lẹ́yìn: "Oògùn ti ṣiṣẹ́, kí ló tún kù?" Ohun tó kù gan-an la fẹ́ sọ.

Ikọ́ ife là ń pè é nílé, àwọn ará ibí ń pè é ní tàrín fúkà, àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní tíbì. Kòkòrò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń fà á, inú ẹ̀dọ̀fóró ló sì fẹ́ràn láti máa gbé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Ẹni tó ní in á wúkọ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ẹni tó jókòó tì í á sì mí afẹ́fẹ́ yẹn sínú. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe abọ́ tí a jọ fi jẹun, kì í sì í ṣe ọwọ́ tí a bọ ara wa.

Màídúgùrí máa ń tan èèyàn jẹ lórí àìsàn yìí. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo ìlú, tọmọdé tàgbà á máa wúkọ́. Bí ooru oṣù kẹta sí ìkarùn-ún bá mú, gbogbo wa la máa ń làágùn mọ́jú. Nítorí náà ni ẹni tí kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe máa ń sọ pé eruku ni, ooru ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ wọ̀n ọ́n. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ má fi í sùn eruku mọ́. Òógùn tó bá ń rin aṣọ gbindin lóru ọyẹ́, nígbà tí àwọn tó kù ń wá kúbùsù, kì í ṣe òógùn ooru. Ibà tó ń yọjú ní ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ láàárọ̀, oúnjẹ tí kò wu ni jẹ, bẹ́líìtì tó ń wá ihò tuntun, àyà tó ń dunni, gbogbo wọn ló ń tọ́ka sí ibì kan náà. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ tó ní in ò rí ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹni tó bá sì ní kòkòrò éèdì lára ò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà lọ ni kẹ́mísì. Wọ́n á ra oògùn ikọ́ olómi, wọ́n á ra apakòkòrò alágbára, irú èyí tí wọ́n ń lò fún taifọ́ọ̀dù. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú àwọn apakòkòrò wọ̀nyẹn máa ń kọlu kòkòrò ikọ́ ife náà, àmọ́ wọn ò ní pa á tán. Ikọ́ á rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyẹ̀wò á sì lè má rí kòkòrò mọ́, títí àìsàn á fi jinlẹ̀. Owó jáde, ìtura dé, àìsàn sì wà níbẹ̀.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló lè sọ òótọ́. Èyí ni bí wọ́n ṣe ń mú un wá. Ní òwúrọ̀, kí o tó jẹun, fi omi lásán yọ ẹnu. Bọ́ síta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí o tu ohun tó bá jáde sínú ike kékeré tí wọ́n fún ọ, kí o dé e pa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, tó ń fà, ni wọ́n fẹ́. Tó bá jẹ́ omi ẹnu tó ń hó ló wà nínú ike, itọ́ nìyẹn, kò sì lè jẹ́rìí ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á fi í sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Jíìnì Ẹ́spáàtì. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹ̀rọ yẹn á sọ nǹkan méjì: bóyá kòkòrò ikọ́ ife wà níbẹ̀, àti bóyá rifampísìn, tó jẹ́ olórí nínú àwọn oògùn rẹ̀, ṣì lè pa á. Fọ́tò àyà lè fi àpá hàn, kò lè sọ èyí kejì yìí. Bí àyẹ̀wò bá sì ní kò sí nǹkan, tí ikọ́ náà ò lọ, ẹ padà lọ. Ike kan tí kò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dáadáa ò tó láti dá ẹjọ́.

Ó wá ku oògùn. Ká ní télọ̀ kan wà lójú ọ̀nà Báámà, tó wọn kílò 48, tó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Fún ìwọ̀n rẹ̀, hóró mẹ́ta ni wọ́n á ní kó lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin ló para pọ̀ sínú hóró kọ̀ọ̀kan. Fún oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, oògùn méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ á ti dín kù, oúnjẹ á ti ń wù ú, á ti jókòó sídìí máṣíìnì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò tó ń bí kíákíá lára rẹ̀, àwọn tó ń fa ikọ́ àti ibà, ni wọ́n kọ́kọ́ kú. Àmọ́ àwọn mìíràn wà tí wọ́n sá pamọ́, tí wọ́n sùn bí ẹni tó ti kú. Oògùn kì í ráyè mú ẹni tó sùn. Ìgbà tó bá jí díẹ̀ ló ń mú un. Ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́fà fi jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí télọ̀ wa bá dúró ní oṣù kejì nítorí pé ó ń lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó sùn á jí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ikọ́ á padà, ọmọọṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló sì máa kọ́kọ́ mí i sínú. Èyí tó tún burú ni ti ẹni tó ń lò lónìí, tó ń fo ọ̀la, tó tún ń lò lọ́tùn-ún. Ńṣe lonítọ̀hún ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe máa gbé pẹ̀lú oògùn. Kòkòrò tó bá kọ́ ọ tán, oògùn yìí ò ní ràn án mọ́. Èyí tó le jù ú lọ ni wọ́n máa wá, ẹni tó bá sì kó o lára rẹ̀ á kó èyí tó ti gbó sí oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé à ń ṣe àsọdùn, kó gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa pọ̀ sí. Ní Bẹ̀nẹ̀, Gínì, Sẹ̀nẹ̀gàl, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn oníṣègùn dán an wò bóyá wọ́n lè gé oṣù mẹ́fà yìí sí mẹ́rin. Wọn ò kàn gé e o. Wọ́n yọ ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin náà, wọ́n fi èyí tí wọ́n gbà pé ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn aláìsàn lójú méjèèjì. Àwọn tó kópa lé ní 1,800. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, ikọ́ ife padà sára bí èèyàn 7 nínú 100 tó lo oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tó lo oṣù mẹ́rin, bí 15 nínú 100 ni. Ìlọ́po méjì! Lóòótọ́, wọ́n ti wá rí àkópọ̀ oògùn mìíràn láti ìgbà náà tó lè ṣe é ní oṣù mẹ́rin fún àwọn kan, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló wà nínú káàdì tí wọ́n kọ oṣù mẹ́fà sí. Bí oṣù mẹ́rin pẹ̀lú oògùn tó lágbára àti olùṣọ́ bá kùnà, kí lẹ rò pé oṣù méjì pẹ̀lú "ara mi ti yá" máa ṣe?

Nítorí náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ parí ẹjọ́. Wọ́n á tún gbà á ní ìparí oṣù kejì, ní oṣù karùn-ún, àti ní ìparí oṣù kẹfà. Ẹ má yà á lẹ́nu bí wọ́n bá fi maikirosíkóòpù wò ó lọ́tẹ̀ yìí dípò ẹ̀rọ ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè, ó sì lè máa pariwo lórí àwọn tí oògùn ti pa. Bí kòkòrò bá ṣì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní oṣù karùn-ún, oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ bó ti wù kí ara ẹni náà yá tó.

A mọ àwáwí tó máa tẹ̀ lé e. "Ìtọ̀ mi pupa bí ẹ̀jẹ̀." Rifampísìn ló ń pa á láró, kò léwu; ó kàn fi hàn pé oògùn wọ ara. Àmọ́ bí ojú bá di yẹ́lò, tàbí tí ìríran bá ń ṣókùnkùn, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn gan-an. "Mò ń gbààwẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oògùn yìí, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kó lè bọ́ sí àkókò sààrì tàbí ìṣínu. "Mò ń lọ sílé." Ẹ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ibùdó ìtọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìwó, ẹ ó sì máa gba oògùn yín níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. "Omi ti gbé káàdì mi lọ." Nígbà tí ìdídò Álàù ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi gbé ohun tó ju káàdì lọ ní ìlú yìí. Orúkọ yín wà nínú ìwé ńlá tó wà ní ibùdó ìtọ́jú. Ẹ padà lọ, kí ọjọ́ tí ẹ fò má di oṣù. Tó bá sì ti di oṣù, ẹ padà lọ náà, wọ́n á tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ oògùn tó kàn.

"Mi ò lówó ọkọ̀." Eléyìí nìkan ni a ò lè dá lóhùn pẹ̀lú ẹnu. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ní ibùdó ìjọba, àmọ́ kẹ̀kẹ́ kì í gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá sì wà ní títì kì í mówó wá. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin là ń bá wí níbí o. Bí ọmọ wa bá kú sí Màídúgùrí, kíá la máa ń dá owó ọkọ̀ tó máa gbé òkú rẹ̀ dé ìlú baba rẹ̀. Owó yẹn á gbé alààyè lọ gba oògùn, á gbé e bọ̀, fún oṣù mẹ́fà, á tún ṣẹ́ kù. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó mọ ọjọ́ tí àwọn aláìsàn wọn ń gba oògùn, tó máa fi owó kẹ̀kẹ́ lé wọn lọ́wọ́, tó sì lè di ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé ara òun ti yá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó bi í: kí ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sọ?