Má tíì yá owó ra maṣíìnì, kọ́kọ́ fi ọwọ́ ẹ pa owó

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa kí ẹnì kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, kó ní: "Dádì, mo ti gba fíríìdọ̀mù, ìwé mi wà nílé, àmọ́ mi ò ní maṣíìnì, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa yá mi lówó." Àwọn aránṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé: oníbàárà mélòó lo ní? Ọ̀pọ̀ wọn á wo ilẹ̀.

Èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ rí. Nígbà kan, a dáwó jọ, a ra maṣíìnì tuntun fún arábìnrin kan. Ó gbé e sí yàrá fún oṣù mẹ́ta, aṣọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló fi rán. Nígbà tí owó ilé dé, ó tà á. Inú bí mi nígbà náà. Lónìí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. A fún un ní irinṣẹ́, kò sì sí iṣẹ́ nílẹ̀ tí irinṣẹ́ náà máa ṣe. Ká ní owó ẹ̀yáwó ni, gbèsè ì bá tún wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé oníbàárà ló yẹ kó ṣáájú maṣíìnì. Ẹni tó ti mọ aṣọ rán, tí kò ní nǹkan kan, lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá aránṣọ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ fún ju ọwọ́ lọ, pàápàá tí Ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, tàbí tí aṣọ ẹbí bá wọlé. Wọ́n máa ń gba ẹni tó mọṣẹ́, wọ́n á sì máa san owó fún un lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tó bá rán. Ọ̀gá ló ni oníbàárà, òun ló ni maṣíìnì àti iná, òun náà ló sábà máa ń gé aṣọ. Ìwọ rán, o gba owó rẹ. Nítorí náà, bí oṣù méjì ṣáájú ọdún ni kó o lọ, má ṣe dúró di oṣù Kìíní tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń dá.

Tó o bá ń lọ, mú ìwé fíríìdọ̀mù dání, ṣùgbọ́n mú aṣọ kan tí ìwọ fúnra ẹ rán dání pẹ̀lú. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á yí inú aṣọ náà síta. Á wo ojú rírán bóyá ó tọ́, á wo sípù bóyá ó sùn dáadáa, á wo ìṣẹ́tí. Lẹ́yìn náà, á ní kó o rán ọ̀kan lójú òun. Má bínú, ibẹ̀ ni ìwé rẹ ti máa ń sọ̀rọ̀.

Kó o tó jókòó sídìí maṣíìnì, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Èló ni aṣọ kan? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń sanwó? Tí aṣọ bá bàjẹ́, ta ló máa san án? Ìkẹta yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó tọ́ lójú tèmi ni pé ẹni tó gé aṣọ ló ni àṣìṣe gígé, ẹni tó rán an ló ni àṣìṣe rírán. Kọ gbogbo aṣọ tó o bá rán sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kó má di "èmi rò pé mẹ́rin ni" lópin ọ̀sẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kó o wá oníbàárà tìẹ, kó o sì bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kó o máa lo maṣíìnì rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó o máa fún un ní iye kan lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Má ṣe é ní bòókẹ́lẹ́ o! Má sì gba oníbàárà ọ̀gá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀, torí àwọn aránṣọ àdúgbò mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọ̀gá ń san ₦2,000 lórí aṣọ kan, ó sì rán mẹ́fà lọ́sẹ̀: ₦12,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ gba ₦6,000, ó ku ₦6,000. Ó tún rán méjì fún oníbàárà tirẹ̀, ₦6,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún ọ̀gá ní ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ra òwú, sípù àti ohun tó kù ní ₦1,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè tirẹ̀ jẹ́ ₦7,000. Ẹ rí i pé aṣọ méjì tirẹ̀ fi èrè sílẹ̀ ju mẹ́fà ọ̀gá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo oníbàárà. Tó bá ń dá ₦5,000 sínú àjọ lọ́sẹ̀, lọ́sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ó ti di ₦120,000, láìjẹ gbèsè ẹnì kankan.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: owó tí oníbàárà san sílẹ̀ kì í ṣe owó oúnjẹ. Òwú àti sípù aṣọ rẹ̀ ni kó o fi rà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á fi ti ẹlòmíràn dí i, láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn.

Tó o bá fẹ́ ra nǹkan, kọ́kọ́ ra àlùmọ́gàjí gidi, téèpù àti abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù. Maṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló tẹ̀ lé e, torí kò dúró de iná. Maṣíìnì wífìn ló máa gbẹ̀yìn, torí o lè gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wífìn fún èèyàn, kó o san owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, mú abẹ́rẹ́ tuntun, òwú àti àjákù aṣọ dání. Fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ bóyá ó ń há. Rán aṣọ ìṣẹ́po méjì, kó o sì wo abẹ́ rẹ̀. Tó bá ń fo ojú rírán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun, má sanwó, àfi tí ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó nímọ́lẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà o. Ọ̀gá mìíràn kì í sanwó lásìkò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sanwó, tí kò sì sọ ìdí, kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí gbèsè tó pọ̀. Má sì sọ ara rẹ di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí wọ́n bá ní kó o máa gbálẹ̀, kó o máa pọnmi, kí owó má wọlé, ìyẹn kì í ṣe àdéhùn wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní maṣíìnì tó ń sùn nílé, tí aṣọ bò mọ́lẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹ wo ọmọ aránṣọ kan ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ jọ ṣe àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi owó ṣèrànwọ́, ẹ gbé aṣọ ọmọ yín lọ fún un kó rán, kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ìyẹn ni ìbá ti wúlò jù fún arábìnrin wa yẹn.

Aránṣọ tó bá ti rìn ín báyìí, ẹ wá sọ iye tí wọ́n ń san lórí aṣọ ládùúgbò yín, kí ẹlòmíràn lè rí i ṣírò.